Ẹ̀rọ Tí Ń Rin Ẹ̀gẹ́: Ṣé Èyí Tó Tètè Dá Owó Padà Ló Dára Jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtaògbólú nítòsí Àkúrẹ́ ni mo wà, mo sì fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ₦1,200,000, èkejì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára jù jẹ́ ₦1,800,000. Ẹni tó ń tà á ní mà á máa rí ₦100,000 lóṣù, pé èyí tó kéré á dá owó rẹ̀ padà láàárín ọdún kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló máa yá mi lówó, èlé ₦24 lórí ₦100 lọ́dún. Ṣé kí n ra kékeré?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. ₦100,000 tí wọ́n sọ yẹn ni owó tí oníbàárà máa san, kì í ṣe èyí tó máa kù sọ́wọ́ yín. Kò sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á le, ẹ̀gẹ́ á ṣòro fà, iṣẹ́ á sì dín kù. Ká ní oṣù 8 mú ₦100,000 wá, tí oṣù 4 mú ìdajì rẹ̀ wá, ₦1,000,000 lẹ máa rí lọ́dún. Ẹ yọ owó epo, owó ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, ọ́ìlì, bẹ́líìtì, àti páànù tí wọ́n fi ìṣó lù, tó máa ń kú tí ẹ̀gẹ́ á fi máa jáde ní wóró-wóró. Ká pe gbogbo rẹ̀ ní ₦400,000. ₦600,000 ló kù. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o, ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀.

Àkókò ìgbówópadà kò ju kí ẹ fi ohun tó ń kù lọ́dún pín iye owó ẹ̀rọ. Bí ₦600,000 bá ń kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti kékeré jẹ́ ọdún 2, ti ńlá jẹ́ ọdún 3. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ní kékeré ló yá, òun ló dára. Irọ́ ni. Ìṣirò yẹn kò ka èlé sí rárá, kò sì béèrè ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe lẹ́yìn tí owó bá ti padà.

Ẹ jẹ́ ká ka èlé sí i. Owó tó máa wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ kò tó ti òní: ₦100 tí ẹ bá yá lónìí á di ₦124 lẹ́yìn ọdún kan, torí náà ẹ pín owó ọdún kìíní sí 1.24. Ti ọdún kejì, ẹ pín in sí 1.24 lẹ́ẹ̀mejì, ti ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀mẹta. ₦600,000 ọdún kìíní á di nǹkan bí ₦484,000, ti ọdún kejì ₦390,000, ti ọdún kẹta ₦315,000. Ẹ ro wọ́n pọ̀: ₦1,189,000 ni. Lẹ́yìn odidi ọdún 3, owó ẹ̀rọ kékeré kò tíì pé, ó kù díẹ̀ kó tó ₦1,200,000.

Tí ẹ́ńjìnnì kékeré bá wá kú pátápátá ní ìparí ọdún kẹta ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n ní á dá owó padà lọ́dún kan kò dá a padà láéláé nìyẹn, àyàfi tí ẹ bá rí ẹni ra àlòkù rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ ńlá lo ọdún 7, tó ń mú ₦600,000 kan náà wá. Bí a bá yọ èlé bákan náà, àpapọ̀ rẹ̀ á tó nǹkan bí ₦1,945,000, ó fi ₦145,000 ju iye tí ẹ rà á lọ. Bẹ́ẹ̀, bí a bá fi èlé ṣírò, ó ń lọ sí ìparí ọdún kẹfà kí owó rẹ̀ tó padà. Ìṣirò ìgbówópadà lásán á ní kí ẹ sá fún un, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ní èrè.

Mi ò sọ pé kí ẹ sáré ra ńlá o. Ọdún 7 yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ẹnu ẹni tó ń tà á kò sì tó ẹ̀rí. Ẹ wá àwọn tó ti ń lo irú ẹ́ńjìnnì méjèèjì lójoojúmọ́, ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ló ti pẹ́, kí ni wọ́n ti pààrọ̀, ṣé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Tó bá jẹ́ ọdún 5 ló máa lò, èrè náà ti lọ. Owó iṣẹ́ lè gòkè lọ́dọọdún lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo náà á gòkè, ẹ má gbára lé e.

Ohun kan ṣoṣo tí àkókò ìgbówópadà wúlò fún yín báyìí ni láti mọ̀ bóyá ẹ lè san gbèsè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín pé ọdún mélòó ni wọ́n fi ń gba owó wọn. Tí wọ́n bá ní ọdún 2 tàbí 3, owó tí ẹ̀rọ ń mú wá kò ní tó san èyíkéyìí nínú méjèèjì tán, ẹ ó máa fi owó oko kún un. Nígbà náà, ẹ kó owó ara yín sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ yá ìyókù.