Èsì: Ọ̀gá lọ, akọni kò dàgbà

"Nínú ìtàn àròsọ tí mò ń kọ, mo pa ọ̀gá akọni mi ní orí kẹfà, àmọ́ akọni náà kò yí padà rárá. Níbo ni mo ti ṣì í?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí márùn-ún tó ṣáájú ikú yẹn ni kí ẹ padà sí. Ẹ wá ìpinnu kan pàtó tí ọ̀gá máa ń ṣe, tí akọni kò dá ṣe rí. Bí kò bá sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ẹkún nìkan ni àìsí ọ̀gá máa fà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé agbẹ̀bí àgbà kan ń kọ́ ọmọbìnrin kan níṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ náà já fáfá, àmọ́ ìyá àgbà ló máa ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn. Ẹ fi èyí hàn lẹ́ẹ̀mejì, bí ohun tí kò ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn náà, kí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá àgbà. (Kò pọndandan kó kú. Lójú tèmi, ẹni tó wà láàyè tí kò ṣeé bi léèrè mọ́ ń dunni jù.) Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ aboyún kan kò dá. Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹni tó máa pàṣẹ. Ó fi àkókò ṣòfò, obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó ní kí wọ́n gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu.

Ẹ má fi lẹ́tà tó kún fún ìdáhùn sílẹ̀ fún un o. Bí ọ̀gá tuntun bá sì yọjú lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ kò tíì lọ.