Báwo ni Ifá ṣe mọ ohun tí a kò sọ?

Ìbéèrè: Babaláwo tí a lọ bá l'Ákùúrẹ́ kò bi ìyá mi ní ohun tó gbé wọn wá. Báwo ni odù ṣe wá mọ̀ ọ́n?

Owó ìdáfá ni màmá yín ti sọ ọ́ sí lábẹ́lẹ̀. Ifá àti orí wọn ló gbọ́. Babaláwo á gbá ikin 16, ìyẹn èkùrọ́ Ifá: bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, á tẹ ojú méjì sínú ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀fun orí ọpọ́n Ifá; bí méjì bá kù, á tẹ ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí odù kan tó yọ. Bí méjì bá kù lẹ́ẹ̀mẹjọ, Èjì Ogbè, olórí odù 256, ló yọ yẹn. Á wá máa ki ẹsẹ odù náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tí wọ́n dáfá fún, ìṣòro rẹ̀, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú. Màmá yín fúnra wọn ló máa dá ọ̀rọ̀ wọn mọ̀ nínú ẹsẹ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé babaláwo tí ẹsẹ rẹ̀ kò pọ̀ kò lè ranni lọ́wọ́ púpọ̀.