Ikọ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà: ẹ yé ra oògùn ikọ́ sí i

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fún mi ní lisinópírìlì oní-mílígíráàmù 10 fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó yá, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ikọ́ gbígbẹ ò sì jẹ́ kí n sùn lóru. Mo ti mu oríṣi oògùn ikọ́ mẹ́ta. Oníkẹ́míìsì ní ayédèrú ni oògùn yẹn, ó fún mi ní rámípírìlì tó wọ́n jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ikọ́ ò lọ. Mo wá ń dá a sí méjì mu. Oògùn wo ni mo lè fi pààrọ̀ rẹ̀? (Ìyá aránṣọ, ẹni ọdún 54, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ ayédèrú yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Ayédèrú tí kò ní oògùn kankan nínú kò lè fa irú ikọ́ yìí. Oògùn náà gan-an ló ń fà á, bó ti wù kí ó wọ́n tó, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é.

Nínú ara wa, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, ó ń pèsè èròjà tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, èyí tó ń mú kí ìfúnpá ga. Ìkejì, ó ń fọ́ èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní bradikáínì dànù. Lisinópírìlì dá ẹ́ńsáìmù yìí dúró, ìfúnpá sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà téèyàn lé ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń pariwo kúrò nílé, tó wá rí i pé òun náà ló ń gbálẹ̀. Bradikáínì tí kò rí ẹni gbá a á wá máa pọ̀ sí i ní ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, á máa ta àwọn iṣan ìmọ̀lára ibẹ̀ jí. Ìyẹn ni yíyún tí ẹ ń gbọ́. Kò sí kẹ́lẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ máa hú jáde, ìdí nìyẹn tí ikọ́ náà fi gbẹ.

(Àwọn kan ń pín in kiri pé oró ejò ló wà nínú oògùn yìí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni pé oró ejò jararáká ti ilẹ̀ Bùràsílì ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe káputópírìlì, tó jẹ́ àkọ́bí ìdílé náà. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe oògùn ọ̀hún, kò sí ejò nínú rẹ̀.)

Ẹ wá wo ohun tí oníkẹ́míìsì ṣe. Ó gba lisinópírìlì lọ́wọ́ yín, ó fún yín ní rámípírìlì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ wo ara páálí: oògùn tí lẹ́tà p, r, i, l bá parí orúkọ rẹ̀, ẹ́ńsáìmù yẹn ló ń dá dúró. Enálápírìlì wà níbẹ̀, perindópírìlì náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀kan bá mú húkọ́, èkejì á sábà mú un húkọ́ náà. Owó yín ló kàn lọ.

Dídá a sí méjì burú jùyẹn lọ, torí ikọ́ yìí kì í ṣe ti pé oògùn pọ̀ jù. Ìdajì náà ń fà á. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ìfúnpá á gòkè, ikọ́ á sì dúró síbi tó wà. Ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n lónìí.

Oògùn ikọ́ olómi kò kan bradikáínì rárá. Àwọn tí wọ́n fi oògùn imú dídì sí nínú tiẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Bí ẹnì kan bá sì yọ oní-kodíìnì fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ sá. Láti 2018 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé.

Ó ku oògùn tí ẹ máa fi pààrọ̀. Mi ò rí yín, mi ò mọ bí kíndìnrín yín ṣe rí, torí náà dókítà tó kọ ti àkọ́kọ́ ni kó kọ èyí náà. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló ń ṣe yín, amilodípìnì mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ dára, tàbí oògùn tó ń mú ni tọ̀. Àwa adúláwọ̀ máa ń rí ìfúnpá wálẹ̀ dáadáa lórí wọn, ju bí pírìlì nìkan ṣe ń ṣe fún púpọ̀ nínú wa. Amilodípìnì lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú díẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún dókítà.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àtọ̀gbẹ tó ti ń kan kíndìnrín, tàbí ọkàn tó rẹ̀, ni wọ́n torí ẹ̀ fún yín ní pírìlì, ìdílé sátáànì ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Lòsátáànì ni ẹ máa rí jù, mílígíráàmù 50 ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò lóòjọ́. Òun kì í dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́. Ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ó wá lọ dí ojú ibi tí èròjà afúnṣan-pọ̀ náà fẹ́ wọlé sí. Bradikáínì á máa rí ẹni gbá a. Ẹ kì í lo ó pọ̀ mọ́ pírìlì o. Ẹ dá pírìlì dúró, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún pòtásíọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín. Obìnrin tó ṣì lè lóyún tó ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, pírìlì àti sátáànì ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ẹ sọ fún dókítà kí ó tó kọ ọ́.

Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ má retí pé ikọ́ á lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin ló sábà máa ń gbà, ó lè tó oṣù mẹ́ta fún ẹlòmíràn. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á lo oògùn tuntun fún ọjọ́ mẹ́rin, ikọ́ ò lọ, wọ́n á ní òun náà ò dára, wọ́n á padà sídìí àgbo. Tó bá kọjá oṣù mẹ́ta, nǹkan mìíràn ló ń mú yín húkọ́.

Tó bá sì jẹ́ pé kẹ́lẹ̀bẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tí ara ń gbóná, tí ẹ ń làágùn lóru, tí ẹ sì ń rù, ẹ má dúró de oṣù kankan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ẹ kò bá lè mí dáadáa tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń wú, ọkàn ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ètè, ahọ́n tàbí ojú tó ń wú nìkan ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí léèrè nípa rẹ̀ kó tó gbéra. Ìdílé pírìlì ló lè fa ìyẹn náà, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọ̀nà ọ̀fun lè dí. Ẹ má mu hóró kan sí i, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání.