Pútù láti fi dáàbò bo owó páànù: èló ló ń náni?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Houston ni mo wà. Mo ní 100 ìpín SPY, àpò ìdókòwò tó ń tẹ̀lé ilé-iṣẹ́ ńlá 500 l'Amẹ́ríkà, inú rẹ̀ ni owó tí mo fẹ́ fi kan páànù ilé mi n'Íbàdàn lóṣù mẹ́fà sí i wà. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọjà má lọ wó. Wọ́n ní kí n ra pútù. Èló ló máa ná mi?"

Àbúrò, inṣọ́ránsì ọkọ̀ ni kó o fi wé. Pútù ń fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ìpín rẹ ní iye kan tẹ́ ẹ ti dá, títí di ọjọ́ kan pàtó, bí ọjà ì báà já dé ibi tó wù ú. Ẹyọ kan ń bo 100 ìpín, nítorí náà ẹyọ kan tó ọ.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣírò ó. Ká ní SPY wà ní $600, owó rẹ jẹ́ $60,000. O ra pútù oṣù mẹ́fà tí iye àdéhùn rẹ̀ jẹ́ $540, wọ́n tà á fún ọ ní $12 lórí ìpín kan. $1,200 ti jáde lápò nìyẹn. Bí ọjà bá já sí $420, ìpín rẹ di $42,000, pútù á sì mú $12,000 wá. Yọ owó tó o san, $52,800 ló kù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ká ní $560 ló já sí ńkọ́? $4,000 ti lọ lára ìpín, pútù ò san kọ́bọ̀, $1,200 náà ti lọ. Orí tìrẹ ni $60 àkọ́kọ́ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan wà. Bó o bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti $600 gan-an, ohun tí wàá san á tó ìlọ́po méjì.

Ìgbà tí ara ọjà bá balẹ̀ ni wọ́n ń rà á. Lọ́jọ́ 19 oṣù Èrèlé 2020, VIX tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀rù ṣe ń gbówó lé pútù wà ní nǹkan bí 14. Nígbà tó fi di 16 oṣù Ẹrẹ́nà, ó ti di 82.69. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré lọ rà á nígbà yẹn, owó iná ló san.

Bó o bá fẹ́ rà á, "Buy to Open" ni wàá tẹ̀, kó o sì lo "Limit" láti fi dá iye tó o fẹ́ san, torí àlàfo tó wà láàárín iye olùtà àti olùrà lè jẹ ọ́ níyà. Bí ìpín náà kò bá tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ, pútù á jẹ́ kí IRS, àwọn agbowó orí Amẹ́ríkà, tún ọjọ́ rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, owó orí rẹ sì lè ga. Má sì gbàgbé pé pútù ò bo bí iye náírà ṣe ń lọ sókè sódò.

Àmọ́ pútù ò ṣeé bù sí wẹ́wẹ́. Bí páànù yẹn bá jẹ́ $20,000, èmi á ta 34 ìpín lónìí, màá fi owó náà pamọ́, kí n fi ìyókù sílẹ̀ láìní inṣọ́ránsì. $1,200 yẹn á tó san owó káfíńtà.