Èsì: Kátúùnù tó ń ṣẹ́jú nínú fídíò
"Mo fi AI sọ fídíò mi di kátúùnù àmọ́ ó ń ṣẹ́jú ṣáá, mo ti fi `seed`, nọ́ńbà tí AI fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán, sójú kan, síbẹ̀ náà ni."

Ẹ̀gbọ́n, `seed` nìkan ò lè yanjú ẹ̀ o, ojú skírìnì ló ń so ìlà àwòrán mọ́, èèyàn ń rìn, ìlà dúró síbì kan bíi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ẹ má ya gbogbo fíréèmù. Ẹ ya ọ̀kan tójú hàn dáadáa, kí EbSynth, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tan àwòrán kan ká fídíò, wá máa gbé e tẹ̀lé ìrìn fídíò náà. Tẹ́ni náà bá yíjú, etí tí ò sí nínú àwòrán àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á wọ́, ibẹ̀ gan-an lẹ máa ya òmíì sí. Àmọ́ ẹ lẹ fíréèmù méjèèjì mọ́ra sórí àwòrán kan kẹ́ẹ tó yà wọ́n, kí àwọ̀ wọn lè bára mu.