Owó ilé-ìwé àbúrò tó ń ṣàìsàn ní Ìkòròdú

"Ẹ̀yin ará wa, àbúrò mi ọkùnrin wà ní ọdún kejì ní ilé-ìwé gíga ìjọba kan ní Ìkòròdú. Ó parí sẹ̀mẹ́sítà kìíní, àmọ́ wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sì lè lọ sí kíláàsì mọ́. Láti Kánádà ni mo ti san owó ọdún náà. Ṣé mo lè yọ ọ́ kúrò kí wọ́n dá owó mi padà?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfaradà, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ owó. Bí àbúrò yín bá kọ̀wé pé òun fi ilé-ìwé sílẹ̀, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn; ọjọ́ tó bá fẹ́ padà, JAMB ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Àyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ni kó tọrọ, kó sì dárúkọ sẹ̀mẹ́sítà tó máa wọlé padà.

Rẹjísítírà ni wọ́n ń kọ lẹ́tà ìtọrọ náà sí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti díìnì kọjá. Kó so ìwé ìgbaniwọlé, rìsíìtì àti ìwé dókítà mọ́ ọn. Ìwé dókítà yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà: bó tilẹ̀ jẹ́ Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ló ti wá, ilé ìwòsàn inú ọgbà ilé-ìwé sábà máa ń ní láti fọwọ́ sí i. Bí kò bá lè rìn, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pé ìyá yín ni òun rán. Kí màmá mú ẹ̀dà lẹ́tà méjì dání, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí wọ́n máa mú bọ̀ wálé, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ sí yín lórí Wáásáàpù lọ́jọ́ náà gan-an. Fáìlì mọ ọ̀nà tó ń gbà sọnù o.

Kí òǹtẹ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bí kò bá jókòó fún ìdánwò, tí ìwé kankan kò sì sí, òdo ni wọ́n lè kọ síwájú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Sẹ́nétì ilé-ìwé ló ń fọwọ́ sí ìdádúró ẹ̀kọ́ náà níkẹyìn, wọn kì í sì í jókòó lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ máa bi wọ́n léèrè títí lẹ́tà ìyọ̀ǹda á fi jáde.

Owó wàyí. Ẹni tó san án lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé pọ́tàlì dákú lójijì ni bọ́sárì máa ń tètè dá lóhùn. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, ó ṣòro. Èsì sẹ̀mẹ́sítà kìíní rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti jẹ nínú owó yẹn, nítorí náà bí ẹ bá béèrè gbogbo rẹ̀, wọn ò ní ka lẹ́tà yín dé ìdí. Ẹ fi ìpínrọ̀ kan kún lẹ́tà yẹn: "Mo tọrọ kí owó sẹ̀mẹ́sítà kejì tí mo ti san wúlò fún mi nígbà tí mo bá padà." Kí ẹ̀dà kan lọ sí bọ́sárì. Bí kò bá béèrè fún un, kò sẹ́ni tó máa fi lọ̀ ọ́.

Tó bá ti sàn, lẹ́tà mìíràn tún wà: kó kọ̀wé pé òun ti ṣetán láti padà, kí ìforúkọsílẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà náà tó parí.