Igun mẹ́ta tó ń dá θ padà sí x

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe íńtígírà √(5 + 4x − x²). Mo fi x − 2 = 3 sin θ, mo ṣe é títí ó fi di (9/2)θ + (9/4) sin 2θ + C. Ibẹ̀ ni mo há sí. Wọ́n ní ká ya igun mẹ́ta, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi rò pé bí sin θ bá jẹ́ (x − 2)/3, sin 2θ á jẹ́ 2(x − 2)/3. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣáájú ibẹ̀ ló péye, o ò ní láti tún un ṣe. Àṣìṣe sin 2θ yìí wọ́pọ̀ nínú ìwé ìdánwò tí mo máa ń máàkì, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹni tó ti fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ kún ojú ewé kan ló máa ń pàdánù máàkì ní ìlà tó kẹ́yìn.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà dán èrò rẹ wò. Ká ní láti x = 2 dé x = 3.5 la fẹ́ ṣe é. Bí x bá jẹ́ 2, òdo ni θ. Bí x bá jẹ́ 3.5, sin θ jẹ́ 1.5/3, ìyẹn 0.5, nítorí náà θ jẹ́ π/6. Bí sin 2θ bá jẹ́ 2(x − 2)/3 lóòótọ́, 1 ni yóò jẹ́ níbẹ̀, ìdáhùn á wá jẹ́ 2.356 + 2.25, ìyẹn 4.606. Wàyí o, √(5 + 4x − x²) kò ga ju 3 lọ níbikíbi, fífẹ̀ láti 2 dé 3.5 kò sì ju 1.5 lọ. Àpótí tó ga ní 3 tó sì fẹ̀ ní 1.5, àyè inú rẹ̀ kò ju 4.5 lọ. Ohun tó wà nínú àpótí kò lè tóbi ju àpótí. Nítorí náà, 4.606 kò lè jẹ́ òótọ́.

Ohun tó fà á ni pé 2 tó wà nínú sin 2θ, igun ló ń sọ di ìlọ́po méjì, kì í ṣe sáìnì igun náà. Sáìnì 30° jẹ́ 0.5, ṣùgbọ́n sáìnì 60° jẹ́ 0.866, kì í ṣe 1. Igun mẹ́ta tí wọ́n ní kó o yà, θ nìkan ló wà nínú rẹ̀, 2θ kò sí níbẹ̀ rárá. Torí ẹ̀ ni a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú sin 2θ sí 2 sin θ cos θ, kí a tó fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù láti ya ohunkóhun. Ohun tó o ní á wá di:

(9/2)θ + (9/2) sin θ cos θ + C

Ní báyìí, ohun mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù láti dá padà sí x: θ, sin θ àti cos θ.

Ohun tí a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ igun mẹ́ta náà kò wá láti ibòmíràn, inú ìfidípò tí ìwọ fúnra rẹ ṣe ló ti wá. O kọ x − 2 = 3 sin θ, ìyẹn sin θ = (x − 2)/3. Sáìnì ni ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun, tí a fi haipótínúùsì, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, pín. Nítorí náà, ya igun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ 90°, mú ọ̀kan nínú igun méjì tó kù kó o pè é ní θ. Kọ x − 2 sí ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ θ, kó o kọ 3 sí haipótínúùsì. Ẹ̀gbẹ́ kẹta, Paitágọ́rásì ló máa sọ ọ́: √(9 − (x − 2)²). Tú u palẹ̀, kó o rí i: 9 − (x² − 4x + 4) jẹ́ 5 + 4x − x². Rúùtù tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ló padà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kẹta yẹn.

Má ṣe fojú kékeré wo ìyẹn. Bí o bá ya igun mẹ́ta rẹ tán, tí ẹ̀gbẹ́ kẹta kò sì jẹ́ rúùtù inú ìbéèrè, dúró níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjì lo ṣi ipò wọn, ó sì lè jẹ́ pé àmì yíyọ ló pòórá nígbà tó o ń sọ 5 + 4x − x² di 9 − (x − 2)². Níbi àmì yíyọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú, torí x² fúnra rẹ̀ ní àmì yíyọ níwájú: wọ́n á kọ 1 − (x − 2)² nítorí pé wọ́n yọ 4 kúrò lára 5 dípò kí wọ́n rò ó mọ́ ọn.

Láti ara igun mẹ́ta náà, cos θ jẹ́ √(5 + 4x − x²)/3. Ṣùgbọ́n θ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹ̀gbẹ́ kankan tó jẹ́ θ, torí igun ni. Inú ìfidípò náà la ó tún padà sí: θ = arcsin((x − 2)/3). Kó gbogbo rẹ̀ jọ:

(9/2) arcsin((x − 2)/3) + (1/2)(x − 2)√(5 + 4x − x²) + C

Láti 2 dé 3.5, apá àkọ́kọ́ jẹ́ 2.356, apá kejì jẹ́ (1/2)(1.5)(2.598), ìyẹn 1.949. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 4.305, ó sì gba inú àpótí wa.

Mo fẹ́ kó o tún wo apá méjèèjì yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igun mẹ́ta yìí ti yé èmi gan-an. Bí o bá ya y = √(5 + 4x − x²) sórí ìwé gíráàfù, ìdajì òkè òbìrìkítí kan ni wàá rí, àárín rẹ̀ wà ní (2, 0), rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 3. Mú x kan, bíi 3.5. Fa ìlà láti àárín lọ sí ojú òbìrìkítí lókè 3.5; gígùn rẹ̀ jẹ́ 3. Fa ìlà láti ibẹ̀ wá sílẹ̀ tààrà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ rúùtù náà. Láti ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sí àárín, x − 2 ni. Igun mẹ́ta rẹ nìyẹn! Inú àwòrán ìbéèrè ló ti wà látilẹ̀. θ wà ní ṣóńṣó rẹ̀ lókè, ó sì dọ́gba pẹ̀lú igun tó wà ní àárín, láàárín ìlà tó lọ sókè tààrà àti rédíọ́ọ̀sì tó o fà.

Wá wo àyè tí a ń wá láàárín 2 àti 3.5. Rédíọ́ọ̀sì yẹn gé e sí méjì. Ọ̀kan jẹ́ igun mẹ́ta náà, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì (x − 2) lọ́nà √(5 + 4x − x²): apá kejì ìdáhùn wa gan-an. Èkejì jẹ́ ègé òbìrìkítí tó ní igun θ, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ (1/2)(3²)θ, ìyẹn (9/2)θ: apá àkọ́kọ́. Bí o bá lọ láti −1 dé 5, òdo ni apá ti igun mẹ́ta ní ìkángun méjèèjì, ìdáhùn á sì jẹ́ 9π/2, ìdajì òbìrìkítí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 3.

Fún àwọn rúùtù mìíràn, Paitágọ́rásì kan náà ló ń pín ipò fún ẹ̀gbẹ́. Kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lábẹ́ rúùtù di sukúwíà pípé, kó o pe ohun tó wà nínú àkámọ́ ní u. Bí ó bá jẹ́ a² − u², a ni haipótínúùsì, ohun tí a sì ṣe nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ u² + a², rúùtù náà gan-an ni haipótínúùsì, u = a tan θ la ó lò. Bí ó bá jẹ́ u² − a², u ni haipótínúùsì, ìfidípò rẹ̀ sì ni u = a sec θ.

Ti sec θ yìí ló léwu. Nínú ti sáìnì, θ wà láàárín −π/2 àti π/2, cos θ kì í kéré sí òdo níbẹ̀, nítorí náà √(9 cos²θ) jẹ́ 3 cos θ láìsí àríyànjiyàn, kódà bí x bá kéré sí 2. Ti sékántì kò rí bẹ́ẹ̀. Wo íńtígírà √(x² − 9)/x. Pẹ̀lú x = 3 sec θ, ọ̀pọ̀ á rí 3 tan θ − 3θ, wọ́n á sì kọ √(x² − 9) − 3 arcsec(x/3) + C. Ó tọ̀nà bí x bá ju 3 lọ. Lò ó láti −6 dé −3: wàá rí −π − √27, nǹkan bíi −8.34. Ṣùgbọ́n láàárín −6 àti −3, ohun tí a ń ṣe íńtígírà rẹ̀ kò jìnnà sí òdo ju 0.87 lọ, fífẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ 3, nítorí náà ìdáhùn kò lè jìnnà sí òdo ju 2.6 lọ.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyí: bí x bá kéré sí −3, θ wà láàárín π/2 àti π, tan θ sì kéré sí òdo níbẹ̀. Rúùtù kì í kéré sí òdo, torí náà −3 tan θ ni, kì í ṣe 3 tan θ. Igun mẹ́ta kò lè kìlọ̀ fún ẹ, torí gígùn ẹ̀gbẹ́ kì í ní àmì yíyọ. Bí o bá fi −3 tan θ ṣe é, yóò di √(x² − 9) + 3 arcsec(x/3) + C ní apá òsì yẹn, ìdáhùn á sì jẹ́ π − √27, nǹkan bíi −2.05.

Bí o kò bá fẹ́ kọ ìlà méjì, má ṣe ka θ gẹ́gẹ́ bí arcsec. Nínú igun mẹ́ta kan náà, rúùtù ló dojú kọ θ, 3 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà θ tún jẹ́ arctan(√(x² − 9)/3). Kọ √(x² − 9) − 3 arctan(√(x² − 9)/3) + C. Dífíréńṣíéètì rẹ̀, wàá rí √(x² − 9)/x padà, yálà x ju 3 lọ tàbí ó kéré sí −3.